Kádì mi ń kọ̀ lórí ìkànnì ìtajà Amẹ́ríkà: ta gan-an ló ń dá owó náà dúró?

AránṣọKútọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra pààtì mọ́ṣínì mónógíráàmù lọ́wọ́ ilé ìtajà kan ní Amẹ́ríkà, torí èyí tí mò ń rí rà nítòsí kì í pẹ́ kó tó kán. Wọn kì í fi ẹrù ránṣẹ́ sí Nàìjíríà tààrà, nítorí náà àdírẹ́sì àwọn tó ń bá wa kó ẹrù wálé ni mo fi sílẹ̀, ó wà ní Húsítìn ní ìpínlẹ̀ Tẹ́sáàsì. Ọjà náà jẹ́ 64 dọ́là àti 50 sẹ́ǹtì, owó ìfiránṣẹ́ sí Húsítìn jẹ́ 8 dọ́là.

Kádì náírà mi ni mo kọ́kọ́ lò, Mastercard ni. Ojú ìwé náà yí títí, ó wá kọ "Your card was declined". Àlẹ́ẹ̀tì kankan ò wọlé. Mo pe báńkì, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní àwọn ò rí nǹkan kan nínú àkáǹtì mi. Mo wá ṣí kádì dọ́là orí fóònù, mo fi 75 dọ́là sí i. Òun náà kọ̀, àmọ́ tiẹ̀ yàtọ̀: wọ́n kọ́kọ́ yọ 1 dọ́là, lẹ́yìn náà ni ápù ní owó ò tó. Báwo ni 75 ò ṣe ní í tó ohun tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ 72 dọ́là àti 50 sẹ́ǹtì? Aṣọ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ mi, mọ́ṣínì sì ti dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ojú ẹ̀ kó dá mi lóhùn.

Tádé_Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Tí àlẹ́ẹ̀tì ò bá ti wọlé, ilé ìtajà ló kọ̀ yín, ọ̀rọ̀ náà ò tíì dé báńkì rárá. Wọ́n máa ń wo ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì èèyàn ti ń wọlé, bí wọ́n bá ti rí Nàìjíríà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ẹ tan VPN, ẹ mú Amẹ́ríkà, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Bí èmi ṣe ń ra nǹkan nìyẹn, kì í kọ̀.

Alájàpá_Ojú_Òpó

Ẹ wo òkè ìkànnì náà, ibì kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ti lè mú irú owó tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ yí i sí náírà. Tó bá ti di náírà, kì í ṣe ìnáwó òkè òkun mọ́, kádì náírà yín á gbà á.

Òṣìṣẹ́KádìTẹ́lẹ̀

Aránṣọ, ẹ má tíì tẹ bọ́tìnì yẹn mọ́, ẹ fara balẹ̀ ná. Mo ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kádì ní báńkì kan fún ọdún mélòó kan kí n tó kúrò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí kádì méjèèjì yẹn kì í ṣe nǹkan kan náà, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú kádì náírà. Ẹ̀bẹ̀ owó náà ń ti ọ̀dọ̀ ilé ìtajà lọ sí báńkì tiwọn, láti ibẹ̀ ó lọ sí Mastercard, Mastercard ló ń gbé e dé báńkì yín. Nínú gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni lè sọ pé rárá, gbólóhùn kan náà ni wọ́n á sì gbé síwájú yín. Idi tó fi yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ ẹni tó kọ̀ nìyẹn.

Tádé, àìwọlé àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ báńkì kì í ránṣẹ́ àfi tí owó bá kúrò nílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, wọ́n á dákẹ́. Ọmọbìnrin tó sì gbé fóònù yẹn ń wo àkáǹtì ni, ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ̀ kì í hàn níbẹ̀. Ó ní ibòmíì tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Aránṣọ, ẹ padà pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n so yín mọ́ ẹ̀ka kádì. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára kádì náà (ẹ ò gbọdọ̀ fún wọn ní gbogbo rẹ̀), ọjọ́, aago àti iye owó. Kí ẹ wá béèrè nọ́ńbà ìdáhùn tó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní 57, ó túmọ̀ sí pé wọn ò gba kádì yẹn láyè láti ná irú owó bẹ́ẹ̀, ibi tí kádì náírà tí wọn ò ṣí fún òkè òkun sábà máa ń já sí nìyẹn. 61 ni pé owó náà ti kọjá òdiwọ̀n. 51 ni pé owó ò tó. 05 ni èyí tó ń bí èèyàn nínú jù, báńkì kọ̀ láìsọ ìdí, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ jìbìtì ló fura. Tí wọ́n bá wò ó dáadáa tí wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀, ìgbà yẹn la tó lè sọ pé ilé ìtajà, tàbí ẹnì kan láàárín wọn àti báńkì yín, ló dá a dúró.

Kó má baà dà bí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ̀yin nìkan: ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì wa gé ìnáwó òkè òkun lórí kádì náírà sí 20 dọ́là lóṣù, nígbà tọ́dún náà fi máa parí, púpọ̀ nínú wọn ti dá a dúró pátápátá torí àìsí dọ́là. Ní 2025 ni àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní òdiwọ̀n tiẹ̀, àwọn mìíràn á ṣí i àmọ́ wọ́n á fẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ lọ tan án nínú ápù. Ẹ wo abẹ́ ètò kádì nínú ápù yín.

Òṣìṣẹ́KádìTẹ́lẹ̀

Mo fẹ́ dá Alájàpá náà lóhùn lọ́tọ̀, torí ọ̀rọ̀ náírà yẹn ń ná àwọn èèyàn lówó.

Ibi tí ilé ìtajà àti báńkì rẹ̀ wà ló ń sọ ọ́ di ìnáwó òkè òkun, kì í ṣe àmì owó tó wà lójú ìwé. Báńkì yín ń rí orílẹ̀-èdè ilé ìtajà nínú ẹ̀bẹ̀ náà. Kádì tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn òkè òkun mọ́, á kọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ náírà ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ wá wo iye owó. Ká ní báńkì yín ń ṣẹ́ dọ́là kan ní 1,550 náírà, ìkànnì yẹn sì fẹ́ fúnra rẹ̀ ṣẹ́ ẹ ní 1,650. Lórí ọjà 78 dọ́là, ẹ ti fi 7,800 náírà ta wọ́n lọ́rẹ. Tó bá wá jẹ́ kádì dọ́là lẹ fi san án, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n á sọ dọ́là di náírà lójú ìwé, ilé iṣẹ́ kádì á tún sọ náírà padà di dọ́là, wọ́n á jẹ níbi méjèèjì. Ẹ máa san án ní owó tí ilé ìtajà fi ń tajà. Ẹni tó bá sì ń lo kádì náírà, kó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú àkáǹtì, torí iye tí dọ́là jẹ́ lọ́jọ́ tí owó náà bá dé ọwọ́ ilé ìtajà ni wọ́n máa ń lò, ọjọ́ yẹn lè jẹ́ ọjọ́ kẹta ọjọ́ tó ra ọjà.

Alájàpá_Ojú_Òpó

Mo gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ àwọn ìkànnì kan wà tí mo yí i sí náírà tó sì gbà, kádì yìí kan náà ni.

Òṣìṣẹ́KádìTẹ́lẹ̀

Àwọn ilé ìtajà ńlá kan ní ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó níbí, ní Nàìjíríà. Báńkì rẹ á rí i bí ìnáwó abẹ́lé. Ìyẹn ló gbà á, kì í ṣe yíyí tí o yí i. Ilé ìtajà pààtì mọ́ṣínì kan ní Amẹ́ríkà ò ní ní irú ìyẹn.

Ẹlẹ́rùHúsítìn

Aránṣọ, èmi ń gba ẹrù fún àwọn èèyàn ní Húsítìn, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti 75 dọ́là.

Owó tẹ́ ẹ rí kí ẹ tó kọ àdírẹ́sì kọ́ ni owó tí wọ́n fẹ́ yọ. Ní kété tẹ́ ẹ bá ti kọ Húsítìn síbẹ̀, owó orí ọjà á gun orí rẹ̀, ó jẹ́ 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún níbí, wọ́n sì máa ń gbà á lórí owó ìfiránṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹ ṣírò ó: 64.50 pẹ̀lú 8 jẹ́ 72.50. Owó orí rẹ̀ jẹ́ 5.98. Gbogbo rẹ̀ wá di 78 dọ́là àti 48 sẹ́ǹtì. Ẹ ní 75. Nínú 75 yẹn gan-an, 1 dọ́là ti há sọ́wọ́ wọn, torí wọ́n fi dán kádì wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. 74 ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ fi san 78.48.

Ẹ padà sí ojú ìwé tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìsanwó, ẹ ó rí ìlà kékeré kan tí wọ́n kọ "Tax" sí. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń yan ẹni tó ń gba ẹrù ní Dẹ́láwéà, wọn ò ní owó orí ọjà níbẹ̀. Ẹ fi owó kún un kó kọjá 80 dáadáa. Ẹ má sì jẹ́ kó kọ̀ léraléra nítorí owó tí ò tó, torí àwọn ilé iṣẹ́ kádì orí fóònù kan máa ń gba owó lórí ìkọ̀sílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn á pa kádì náà rẹ́.

ÌyáÌbejì_Pẹ́káàmù

Ẹ káàárọ̀ o. Èmi náà nìyí. Mo wá kí àwọn ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, mo fẹ́ ra aṣọ òtútù fún àwọn ọmọ-ọmọ lórí ìkànnì, kádì náírà mi ṣí, mo ti tan án nínú ápù. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé báńkì mi á yọ, á ní kí n kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù mi. Nọ́ńbà ò wọlé. Ìṣẹ́jú á kọjá, á ní ó ti kọ̀. Ṣé VPN náà ni kí n lò?

Tádé_Kọ̀ǹpútà

Mà, tiyín ò jọ ti Aránṣọ. Báńkì yín ti fẹ́ gbà á, nọ́ńbà OTP ló kù. Ìlà Nàìjíríà yín wà nínú fóònù ni àbí ẹ ti yọ ọ́?

ÌyáÌbejì_Pẹ́káàmù

Ó wà nílé, ní Ìbàdàn. Ìlà Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń lò.

Òṣìṣẹ́KádìTẹ́lẹ̀

Ìyá, ẹ kú ọmọ o. Ẹni tó wà nílé lè ka nọ́ńbà náà fún yín, àmọ́ mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, torí ẹnikẹ́ni tó bá mọ nọ́ńbà yẹn àti kádì yín, owó yín ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì bóyá wọ́n lè máa fi OTP ránṣẹ́ sí ímeèlì yín pẹ̀lú, tàbí kẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí i nínú ápù. Tí ò bá ṣeé ṣe, nígbà míì tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ìlà Nàìjíríà yín dání, kẹ́ ẹ sì ti ṣètò pẹ̀lú ilé iṣẹ́ fóònù kó lè máa ṣiṣẹ́ lókè òkun kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ní Amẹ́ríkà kì í béèrè OTP rárá, ti Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń béèrè. Báńkì kan níbí á wá kọ ìnáwó tí kò bá ti ní OTP nínú, nítorí ẹ̀rù jìbìtì. Nítorí náà, kádì kan náà lè gbà ní Lọ́ńdọ̀nù kó sì kọ̀ ní Tẹ́sáàsì.

AránṣọKútọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bá mi san oore fún yín. Mo pe ẹ̀ka kádì, 57 ni wọ́n kà fún mi gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n Òṣìṣẹ́ ṣe sọ. Wọ́n ní báńkì tàwọn ò tíì ṣí irú kádì tèmi fún òkè òkun, nítorí náà mo pa kádì náírà tì.

Mo fi 20 dọ́là kún kádì orí fóònù. Mo tún un ṣe lálẹ́ àná, ó gbà! Wọ́n ní "Thank you for your order". Àlẹ́ẹ̀tì 78 dọ́là àti 48 sẹ́ǹtì wọlé. Kò pé wákàtí kan, ímeèlì dé pé wọ́n ti fagi lé ọjà náà. Owó mi ò padà. Mo wo ápù, nǹkan bíi 15 dọ́là ló kù. Ṣé kí n wá owó mìíràn fi sí i kí n tún un ṣe ni, àbí wọ́n ti gbé mi lówó lọ?

Olóúnjẹ_Ìjẹ̀bú

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ó ti ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀. Àwọn kádì orí fóònù yìí, àwọn ilé ìtajà kan ò fẹ́ rí wọn sójú, torí kádì tí wọ́n ti bu owó sí ṣáájú ni. Ẹ lọ ṣí àkáǹtì dọ́là ní báńkì gidi, kí wọ́n fún yín ní kádì rẹ̀. Wàhálà á tán.

Ẹlẹ́rùHúsítìn

Ẹ má fi owó kankan sí i o! Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: níbi tí wọ́n kọ "Billing address" sí, kí lẹ kọ síbẹ̀?

AránṣọKútọ̀

Àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù mi ní Kútọ̀. Àpótí ZIP ò gba nọ́ńbà mẹ́fà tiwa, márùn-ún péré ló gbà, mo wá yọ òdo tó gbẹ̀yìn kúrò nínú 110001... rárá, ọ̀kan tó gbẹ̀yìn ni mo yọ, ó ku 11000.

Ẹlẹ́rùHúsítìn

Ibẹ̀ gan-an ni. Ilé ìtajà Amẹ́ríkà máa ń mú nọ́ńbà ilé àti ZIP tẹ́ ẹ kọ, wọ́n á fi bi ilé iṣẹ́ tó ni kádì pé ṣé ó bá èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn mu. Kádì orí fóònù yín ní àdírẹ́sì tiẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ápù, lójú ewé kan náà tí nọ́ńbà kádì wà. Àdírẹ́sì Amẹ́ríkà ni. Àdírẹ́sì yẹn lẹ máa dà kọ bó ṣe wà sí "Billing address", lẹ́tà sí lẹ́tà. Ti Húsítìn á wà ní "Shipping address". Ti Kútọ̀ ò sí níbẹ̀ rárá.

Òṣìṣẹ́KádìTẹ́lẹ̀

Òótọ́ ni Ẹlẹ́rù sọ, kí n wá fi ti owó tó há kún un. Ilé iṣẹ́ kádì ti gbà pé owó wà, wọ́n sì ti yà á sọ́tọ̀. Wọ́n wá sọ fún ilé ìtajà pé àdírẹ́sì ò bára mu, ilé ìtajà sì fagi lé e fúnra rẹ̀. Owó náà ò tíì kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kádì. Ó dà bí ìgbà tí oníṣòwò bá fi aṣọ pamọ́ dè yín: kò tíì tà á, àmọ́ ẹlòmíì ò lè rà á. Ẹ tẹ ìnáwó náà nínú ápù kẹ́ ẹ wò ó. Tó bá kọ "Pending" síbẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Tó bá ti di "Settled" tàbí "Completed", wọ́n ti gba owó, ẹ gbọ́dọ̀ béèrè pé kí wọ́n dá a padà.

Ẹ kọ̀wé sí ilé ìtajà, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ọjà, ẹ ní kí wọ́n tú owó tí wọ́n dá dúró sílẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe é, kì í pẹ́. Tí wọn ò bá dáhùn, ó sábà máa ń já bọ́ fúnra rẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, kádì mìíràn lè mú un tó oṣù kan.

Olóúnjẹ, ọ̀rọ̀ rẹ wà nínú rẹ̀. Tí àdírẹ́sì bá bára mu tó tún kọ̀, ó lè jẹ́ kádì tí wọ́n bu owó sí ṣáájú náà ló fà á. Ṣùgbọ́n kádì àkáǹtì dọ́là báńkì wa kì í dáhùn ìbéèrè àdírẹ́sì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ilé ìtajà á gbọ́ pé "a ò lè sọ", òun ló máa pinnu bóyá òun á gbà á. Àwọn kan ń gbà á, àwọn kan kì í gbà á. Nítorí náà "wàhálà á tán" yẹn, mi ò lè fọwọ́ sí i.

Olóúnjẹ_Ìjẹ̀bú

Tèmi ò kọ̀ rí láti ìgbà tí mo ti gbà á. Boya ibi tí mo ti ń rà ló yàtọ̀.

Tádé_Kọ̀ǹpútà

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún mi ti wá yé mi wàyí: kádì orí fóònù ni mo ń lò, àdírẹ́sì Amẹ́ríkà rẹ̀ ni mo ń kọ, VPN mi náà wà ní Amẹ́ríkà. Ó bára mu. Mo ṣì gbà pé VPN ń ràn án lọ́wọ́ o.

Òṣìṣẹ́KádìTẹ́lẹ̀

Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nílé ìtajà kan. Ní ibòmíì, wọ́n mọ àwọn ojú ọ̀nà VPN tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbà, òun gan-an ni wọ́n á fi fura. Aránṣọ, mi ò ní kí ẹ lò ó.

AránṣọKútọ̀

"Pending" ló wà níbẹ̀. Ilé ìtajà ti dá mi lóhùn, wọ́n ní àdírẹ́sì kádì ò bá ti báńkì mu, pé àwọn ti tú owó náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ tàwọn, kí n fún ilé iṣẹ́ kádì láyè. Mo ti rí àdírẹ́sì inú ápù, ó wà lábẹ́ nọ́ńbà kádì lóòótọ́, mi ò tẹ ibẹ̀ rí. Bí owó bá ti wọlé, màá tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n Òṣìṣẹ́, orúkọ ńkọ́? Orúkọ mi tó wà lórí kádì yìí, wọ́n fi orúkọ bàbá mi ṣáájú.

Òṣìṣẹ́KádìTẹ́lẹ̀

Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lórí kádì. Ìbéèrè àdírẹ́sì yẹn kì í sábà wo orúkọ, àmọ́ èèyàn lè wà nílé ìtajà tó máa ń wo ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó fi ránṣẹ́, orúkọ méjì tó yàtọ̀ síra lè mú un fagi lé e.

Ẹlẹ́rùHúsítìn

Ní ti "Shipping address", ẹ má gbàgbé nọ́ńbà tí ẹni tó ń bá yín gba ẹrù fún yín, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín. Ẹrù tí kò ní nọ́ńbà yẹn máa ń jókòó sílé wa ni, a ò ní mọ ẹni tó ni ín.